Àlàyé gírámà Yorùbá fún ẹni tí ó ń kọ́ ọ: ṣé Yorùbá ni kí a fi ṣe é, àbí èdè akẹ́kọ̀ọ́?

Obìnrin kan tí ó ń kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọọjọ́ Sátidé bá ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyá náà bi í pé irú iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe, òun náà sì dáhùn pé, "Màámi, mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn." Ìyá dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi. Ọlọ́run á pèsè òmíràn." Ó rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ òun ni. Bẹ́ẹ̀, obìnrin yìí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀. "Mo ń ṣiṣẹ́" ni ó yẹ kí ó sọ.

Nígbà tí a jọ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, a rí ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti inú àlàyé tí èmi fúnra mi fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún un, pé "ń" ni a fi ń sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ pè é, orí àga ni ó jókòó sí nínú ilé rẹ̀, kò sí lẹ́nu iṣẹ́ rárá. Nítorí náà ó yọ "ń" kúrò. Ó tẹ̀lé òfin tí mo fún un láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá ti fi Yorùbá ṣe àlàyé náà, irú àṣìṣe yìí kò ní wáyé. Ẹlòmíràn lè dáhùn pé bí a bá fi Yorùbá ṣe é, obìnrin náà kì bá tí lóye ohunkóhun tí yóò fi ṣe àṣìṣe. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti gbé ọ̀nà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí olùkọ́, òbí tàbí ẹni tí ó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ lè mọ èyí tí yóò yàn, fún irú akẹ́kọ̀ọ́ wo, àti títí di ìgbà wo. Apá méjì péré nínú gírámà Yorùbá ni n ó fi dán wọn wò: ohùn orí ọ̀rọ̀-ìṣe bíi "rà", àti "ń" tí ó kó obìnrin yìí sí wàhálà.

Àlàyé kan, èdè méjì

Ẹni tí ó bá wo "rà" nínú ìwé atúmọ̀-èdè yóò rí i pé ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ó bá tún ka ìtàn kékeré kan, yóò rí "Mo ra bàtà", tí àmì ohùn ìsàlẹ̀ ti pòórá. Lójú ewé kejì, yóò rí "Mo rà á", tí àmì náà ti padà dé. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fojú sílẹ̀ ni yóò béèrè ìdí, láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́ sì ni ìbéèrè náà máa ń wá. Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá ṣe àlàyé rẹ̀ dáadáa, bí a ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Bí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ bá gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ náà yóò di ohùn àárín, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni àbọ̀ náà, ohùn ìsàlẹ̀ kò ní yí padà."

Kò sí àṣìṣe nínú gbólóhùn yìí, kò sì gùn jù fún wa. Ẹ wá fi ojú ẹni tí ó ti kọ́ Yorùbá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wò ó. "Ní" mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà: ti "ní ohùn" ń sọ nípa ohun tí ọ̀rọ̀ náà ní, ti "ní àbọ̀" jẹ́ atọ́kùn, ti "kò ní yí padà" sì ń sọ nípa ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà mọ ẹyọ kan, èyí tí ó wà nínú "mo ní owó", kò sì sí ohun tí yóò sọ fún un pé àwọn méjì yòókù yàtọ̀. "Bí … bá" kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Àbọ̀" tí ó mọ̀ ni ti "ẹ kú àbọ̀". Ọ̀gbẹ́ni kan bi mí lẹ́ẹ̀kan, tòótọ́ ni ó fi bi mí, pé ta ni ó ti ìrìn àjò dé nínú gbólóhùn náà.

Àwọn olùwádìí kan tí ń jẹ́ Hu àti Nation ṣe ìwádìí ní ọdún 2000 lórí iye ọ̀rọ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lè ka nǹkan ní èdè àjèjì kí ó sì yé e láìsí olùrànlọ́wọ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, ó yẹ kí ó mọ bí 98. Gbólóhùn òkè yẹn kò tó ogójì ọ̀rọ̀, èyí túmọ̀ sí pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Tèmi máa ń ju mẹ́wàá lọ. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ kò ní ọgbọ́n nínú: mo ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní pẹ́ńsù, mo ní kí ó fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò dá a lójú, mo sì ń ka àwọn ìlà náà.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kúkúrú méjì ni àlàyé kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kà á tán ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Àǹfààní ńlá nìyẹn, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Wákàtí kan àbọ̀ péré ni a ní ní ọjọ́ Sátidé. Ìṣẹ́jú tí a kò bá fi tú àlàyé palẹ̀ ni a ó fi sọ Yorùbá. Àwọn tí wọ́n ń pariwo pé kí a má fi Gẹ̀ẹ́sì kan kíláàsì Yorùbá rárá máa ń gbàgbé ìṣirò yìí. Mo ti jókòó sí ẹ̀yìn irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí, níbi tí olùkọ́ ti lo ìṣẹ́jú ogún láti fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí a ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe, tí kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó lo ọ̀rọ̀-ìṣe kankan títí aago fi lù.

Síbẹ̀ ohun kan wà nínú àlàyé Yorùbá yẹn tí ti Gẹ̀ẹ́sì kò lè ní láéláé. Ẹ tún un kà. "Bá gba ọ̀rọ̀-orúkọ": "gbà" ni "gba" yẹn, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti di àárín nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀lé e. Òfin náà ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn tí ó ń sọ òfin náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti lo ọdún kan àbọ̀, tí àwọn ọ̀rọ̀ àlàyé náà kò bá ṣòro fún un mọ́, yóò rí i fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ yóò sì dùn ju bí ẹni pé èmi ni mo fi hàn án lọ. Fún un, kíka àlàyé náà ti di ìdánrawò.

Ọ̀nà tí kò lo àlàyé

Àwọn kan ń gba àárín méjèèjì kọjá: wọn kì í ṣe àlàyé ní èdè kankan, àpẹẹrẹ ni wọ́n ń tò sílẹ̀. Láti ọdún 1878 tí Maximilian Berlitz ti dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Providence ní Amẹ́ríkà ni orúkọ rẹ̀ ti so mọ́ kíkọ́ èdè pẹ̀lú èdè náà nìkan. Bí kíláàsì bá ní ará Kòríà, ará Pólándì àti ará Bràsíì nínú, kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó rọrùn, nítorí kò sí èdè àlàyé tí yóò yé gbogbo wọn. Lórí ọ̀rọ̀ "rà", báyìí ni ojú ewé náà yóò ṣe rí:

rà: Mo ra bàtà. Mo ra ẹja. Mo rà á.
gbà: Ó gba owó. Ó gba ìwé. Ó gbà á.

Ó mọ́ lójú, kò sì sí ọ̀rọ̀ líle nínú rẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ọpọlọ àgbàlagbà kì í jókòó lásán. Yóò dá òfin tirẹ̀ sílẹ̀, òfin náà sì lè ṣì. Ọmọkùnrin kan wo àpẹẹrẹ mẹ́fà wọ̀nyí, ó pinnu pé gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "Mo ri ọ̀rẹ́ mi" dípò "Mo rí ọ̀rẹ́ mi". Oṣù kan kọjá kí n tó mọ̀ pé òfin ni ó ń tẹ̀lé, pé kì í ṣe pé ohùn ń sú u. Láti ìgbà náà, n kì í tẹ àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn òkè àti olóhùn àárín kún un: "Mo rí ẹja, mo rí i, mo jẹ ẹja, mo jẹ ẹ́." Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ibi tí òfin náà dúró sí.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ bóyá àlàyé kan yéni, ìbáà ṣe ní èdè wo, ni pé n kì í ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tún òfin sọ fún mi. Mo ń fún un ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí kò tíì pàdé rí: kà, wọ̀, kọ́. Ẹni tí ó bá kọ "ka ìwé", "wọ aṣọ" àti "kọ́ ilé", tí ó sì tún kọ "kà á" àti "wọ̀ ọ́", ti lóye. Ẹni tí ó bá kọ "kọ ilé" ti di òfin tí kò pé mú. Ẹni tí ó bá sì bi mí pé kí ni "onísílébù", kò tíì dé ibi ọ̀rọ̀ náà rárá. Àlàyé ni ó ṣì ń kọ́.

Ibi tí èdè akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣini lọ́nà

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì wa. Bí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe pé mo lo Gẹ̀ẹ́sì ni ó fa wàhálà. Ohun tí ó fà á ni pé mo gba ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì fi pín àkókò, mo sì fi pín ti Yorùbá. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì, lójú mi sì ni gbogbo ìpinnu yìí dá lé e lórí.

Gẹ̀ẹ́sì ya ohun tí ènìyàn ń ṣe lọ́wọ́ báyìí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ oríṣi méjì ni ó ń lò fún wọn. Yorùbá kò bìkítà nípa ìyẹn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń béèrè ni bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti parí tàbí kò tíì parí. Ohun tí àwọn onígírámà wa ń pè é gan-an nìyẹn: ibá ìṣẹ̀lẹ̀ àṣetán àti ibá ìṣẹ̀lẹ̀ àìṣetán. Abẹ́ àìṣetán ni wọ́n kó atẹ́rẹrẹ àti bárakú sí pọ̀, èyí tí ó ń lọ lọ́wọ́ àti èyí tí ó ti mọ́ni lára, "ń" sì lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. "Ó ń jẹun" lè jẹ́ báyìí-báyìí. "Ó ń gbé ní Ìbàdàn" lè ti tó ogún ọdún. Bí a bá wá yọ "ń" kúrò níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń sọ iṣẹ́, ohun tí Yorùbá yóò gbọ́ ni pé ó ti ṣẹlẹ̀, ó ti tán. Ìdí nìyẹn tí ìyá Ìjẹ̀bú-Òde fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ dárò.

Orúkọ tí Yorùbá fún nǹkan yìí, "àìṣetán", ti ṣe ìdajì àlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ̀ pé "ṣe" àti "tán" ni ó wà nínú rẹ̀, tí ó sì mọ "àì" bí ó ti wà nínú "àìsàn", kò ní yọ "ń" kúrò nítorí pé orí àga ni ó jókòó sí. Ní àwọn ọdún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ èdè-ìperí kí àwọn olùkọ́ lè fi Yorùbá kọ́ni ní Yorùbá. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gbọ́ Yorùbá láti inú oyún ni wọ́n ń rò nígbà náà, kì í ṣe àjèjì. Síbẹ̀ ó ṣẹlẹ̀ pé díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà wúlò fún àjèjì ju fún ọmọ onílé lọ.

Irú ìṣìnà kan náà ni ó wà nínú "Ilé náà jẹ́ ga", tí n kò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Àlàyé Gẹ̀ẹ́sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé "ga" jẹ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe, ọ̀rọ̀-àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í dá dúró lẹ́yìn olùwà, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ wá "jẹ́" tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá sọ fún un, àní ní Gẹ̀ẹ́sì, pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá ka "ga" sí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ka "lọ" àti "sùn" sí, àṣìṣe náà yóò lọ. Èdè àlàyé kò yí padà; ohun tí ó yí padà ni pé a jẹ́ kí Yorùbá fúnra rẹ̀ pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń pín in.

Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ tirẹ̀

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, tí ó sì fi àlàyé gírámà síwájú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, nítorí àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n fẹ́ lò ó. Bóyá láti ìgbà náà ni ó ti mọ́ wa lára láti rò pé bí a bá ti sọ pé "èdè akẹ́kọ̀ọ́", Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ọmọ Ìgbò tí ó ń kọ́ Yorùbá ní Èkó mọ̀ láti kékeré pé "ákwá" ni ẹkún, "àkwá" ni ẹyin, "ákwà" ni aṣọ, "àkwà" sì ni ibùsùn. Kí ni a fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nípa ohùn? Àlàyé Gẹ̀ẹ́sì yóò lo ojú ewé mẹ́ta láti mú kí ó gbà pé ohùn lè yí ìtumọ̀ padà, ohun tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Àmọ́ gírámà tí ó kọ́ ní ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ púpọ̀ jù, nítorí náà àlàyé tí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ gírámà, tí ó sì fi Ìgbò ṣe àfiwé, ni yóò bá a lára mu. Bákan náà ni fún ẹni tí ó ń sọ Fọ̀n ní Kùtọ̀nù: Faransé ni ó fi kàwé, ṣùgbọ́n èdè ilé rẹ̀ ń to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀lé ara wọn bí Yorùbá ṣe ń sọ "mú omi wá", ohun tí Faransé kò ní àpẹẹrẹ rẹ̀.

Ní Bàháyà ní Bràsíì, níbi tí yunifásítì ti dá ilé ìwádìí lórí Áfíríkà sílẹ̀ ní 1959, tí wọ́n sì ti ń kọ́ni ní Yorùbá níbẹ̀, Potogí ni èdè akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé Yorùbá tí a fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé tí ó bá dé ọwọ́ wọn ti di ẹrù ìlọ́po méjì: wọn yóò kọ́kọ́ tú Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó dé ibi Yorùbá. Fún wọn, bí kò bá sí ti Potogí, èmi yóò yan èyí tí a fi Yorùbá tí ó rọrùn kọ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, pàápàá nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá ti wà lẹ́nu àwọn ará ilé òrìṣà láti inú orin.

Èwo ni kí a wá yàn?

Fún àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo kíláàsì sì ń sọ èdè kan náà, kí àlàyé wà ní èdè wọn, kí orúkọ àwọn nǹkan gírámà sì wà ní Yorùbá láti ọjọ́ kìíní. Orúkọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti tó: ohùn, ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, olùwà, àbọ̀, àṣetán, àìṣetán àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Nígbà tí ó bá fi máa di ọdún kejì, tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá ṣe àlàyé, kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ líle ni yóò máa bá jà mọ́.

Ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Húsítọ̀nù, tí ó ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá àgbà ṣùgbọ́n tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, yàtọ̀. Ìyá àgbà ti sọ "ra bàtà" àti "rà á" fún un níye ìgbà tí kò lóǹkà, kò sì ní ṣì í sọ. Àlàyé Gẹ̀ẹ́sì lórí rẹ̀ yóò kàn da ohun tí ó ti mọ̀ rú ni. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Yorùbá ẹnu ni kí a fi tọ́ka sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ: "Gbọ́ ohùn ẹ. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ló yí padà?" Ìwé kíkà ni ìṣòro tirẹ̀, bí ó bá lè lóye àlàyé náà nígbà tí a bá kà á sókè fún un, ṣùgbọ́n tí kò lóye nígbà tí ó bá kà á fúnra rẹ̀, àmì ohùn ni kí a kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí a má sáré padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Kíláàsì tí èdè inú rẹ̀ pọ̀ kò ní ju ọ̀nà àpẹẹrẹ lọ, pẹ̀lú àwọn àpẹẹrẹ olóhùn òkè àti olóhùn àárín tí mo mẹ́nu kàn.

Ní ti ìgbà tí ó yẹ kí a yí èdè àlàyé padà, pẹ́ńsù ni mo ṣì ń lò. Nígbà tí ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀ bá ti dín sí ẹyọ kan tàbí méjì nínú àlàyé tí ó tó gbólóhùn mẹ́ta, mo ń gbé àlàyé Yorùbá sókè ojú ewé, mo sì ń ti ti Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò ti ṣí i wá. Ohun tí mo ń ṣọ́ lẹ́yìn náà ni bí ó ti pọ̀ tó tí wọ́n ń ṣí ẹ̀yìn ìwé. Nọ́ọ̀sì wa ń ṣí i fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Lójú ewé tí ó sọ̀rọ̀ lórí "ń", ó ti fa ìlà lé àlàyé Gẹ̀ẹ́sì mi àtijọ́, ó sì kọ "kò tíì tán" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.